Mẹ́sèèjì àkọ́kọ́ sí ẹni tí ọ̀rẹ́ fi hàn ẹ́: ibo ni kí orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn dúró sí?

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kúbwà ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 33, iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Bísí tá a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Láfíà ló fún mi ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì ni, Lúgbè ló ń gbé. Mo ti jẹ másà tó ṣe rí níbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ Bísí, àmọ́ èmi àti ẹ̀ ò tíì ríra. Mo ti kọ mẹ́sèèjì, mo pa á rẹ́, ó tó ìgbà mẹ́ta. Èyí tó kù rèé: "Haló diá, báwo ni? Ọ̀rẹ́ Bísí ni mí. Ó ti sọ gbogbo nǹkan nípa ẹ fún mi, ó ní o rẹwà, o níwà, o ò sì tíì lẹ́nì kan. Ó ní ìwọ gan-an lo máa bá mi mu. Ṣé mo lè pè ẹ́ báyìí?" Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé Bísí ló ń tì mí sí i lọ́rùn. Túndé.*

Túndé, àbúrò mi, má tíì fi ránṣẹ́ o. Kì í ṣe pé ó burú tó bẹ́ẹ̀, mo ti rí èyí tó burú jù ú lọ, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé fọ́tò ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ ní Màràràbá ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kò kí èèyàn, kò dárúkọ, òrùlé nìkan. Àmọ́ tún tìẹ kà, kó o wá ka iye ìgbà tí Bísí sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bísí sọ gbogbo nǹkan fún ẹ, Bísí ní ó rẹwà, Bísí ní òun ló máa bá ẹ mu. Ìwọ tó ń kọ̀wé ò tíì sọ nǹkan kan nípa ara ẹ, o ò tiẹ̀ dárúkọ. Bísí ló ń tọrọ ọmọ olọ́mọ, ìwọ kàn dúró sẹ́yìn ẹ̀ ni. Ibi tọ́rọ̀ ti máa ń di ìtìjú nìyẹn. Dídárúkọ ọ̀rẹ́ ò ní wàhálà kankan nínú, iṣẹ́ tá a gbé lé orúkọ náà lórí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe alárenà ní Àbújá níbí, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan o, àṣejù ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló kó mi sí i. Láyé àwọn ìyá wa, ẹsẹ̀ lalárenà fi ń ṣiṣẹ́. Á lọ bá ọmọbìnrin, á ní ọmọ lágbájá ń béèrè ẹ, tí ọmọbìnrin ò bá fẹ́, alárenà yẹn náà ló máa gbé e padà, á sì ti yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu kó tó débẹ̀ kó má bàa dun ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fẹ́ àti ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ò tíì kojú ara wọn, kò sẹ́ni tójú tì. Nísìnyí, nọ́ńbà lalárenà ń fún èèyàn, á sì bá tiẹ̀ lọ, gbogbo ohun tó yẹ kó fẹsẹ̀ rìn ṣe, mẹ́sèèjì kan lórí Wọsáàpù ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ ẹni tó o jẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé o kì í ṣe gbájúẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fún un láyè láti sọ pé rárá láìjẹ́ pé òun àti Bísí á máa yẹra fún ara wọn lẹ́yìn ìyẹn. Orúkọ Bísí wúlò gan fún méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta yìí, bó o bá ṣe ń dárúkọ Bísí tó lò ń bà á jẹ́ tó, torí gbogbo ìgbà tó bá rí orúkọ yẹn ló ń rántí pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń retí èsì.

Kó o tó fọwọ́ kan fóònù, pe Bísí. Nǹkan mẹ́ta péré lo fẹ́ gbọ́. Àkọ́kọ́, ṣé ọ̀rẹ́ ẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fún ẹnì kan ní nọ́ńbà òun, kí ni Bísí sì sọ fún un pé ẹni yẹn fẹ́ ṣe? Má fojú kéré èyí o. Èmi náà ti ṣe é rí, mo fún ọmọkùnrin dáadáa kan ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi láìbi í, mo rò pé ìyàlẹ́nu dídùn ni mò ń ṣe fún un, ọmọkùnrin yẹn kọ̀wé tó mọ́gbọ́n dání, kò ṣẹ̀ ẹ́ níbì kankan, ọ̀rẹ́ mi sì fi bùlọ́ọ̀kì lé e lójú ẹsẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Kò sí bó o ṣe lè mọ̀wé kọ tó tó máa tún ìyẹn ṣe. Tí Bísí bá ní òun ò tíì sọ fún un, dúró títí ó fi máa sọ, kó sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, pé ẹnì kan wà tí òun mọ̀ tó fẹ́ kí ẹ, ṣé kí n fún un ní nọ́ńbà ẹ àbí kí n má fún un. Ṣé o rí i, ibi àkọ́kọ́ tó ti lè sọ pé rárá nìyẹn, Bísí nìkan ló sì máa gbọ́ ọ.

Ìkejì, orúkọ wo ló ń pe Bísí? O lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀pọ̀ mẹ́sèèjì ló ti kú síbí yìí. Láàrin ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ sìnlú, Bísí ni. Níbi iṣẹ́ ẹ̀, orúkọ ọkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ládùúgbò, látìgbà tó ti bí ìbejì, Màmá Táyé ni. Tó o bá kọ "ọ̀rẹ́ Bísí" sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Màmá Táyé, "Bísí wo?" ló máa fi dá ẹ lóhùn, tó bá tiẹ̀ máa dáhùn, o sì ti di àfura kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ní Àbújá tó jẹ́ pé kálukú ló fi ẹbí ẹ̀ sílẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ "ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ ni mí" yìí làwọn ọmọ Yàhúù náà ń kọ, wọ́n á bá ẹ débi pé fóònù àwọn ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ báwọn gba kóòdù kan. Nítorí náà, orúkọ nìkan ò tó, fi ohun kan kún un tó ṣeé wádìí, ibi tẹ́ ẹ ti mọra àti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ fún un.

Ìkẹta, èdè wo ló fi ń kọ̀wé lórí fóònù? Àìmọye ọmọ Yorùbá ló wà níbí tó jẹ́ Kàdúná tàbí Kánò ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá bí omi, àmọ́ tó o bá kọ ọ́ gùn, ńṣe ni wọ́n á máa sípẹ́lì ẹ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Háúsá ló yá wọn lẹ́nu jù. Obìnrin tó ń ṣe másà tó dáa, mo fura sí i pé Òkè Ọya ló dàgbà sí. Bi Bísí. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ, kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, fi ìkíni Yorùbá síwájú ẹ̀, ó tó.

Ká gbà pé Bísí dáhùn pé òun ti sọ fún un ní Sátidé, pé ó ní kò burú kó kọ̀wé, Màmá Táyé ló ń pe òun, ó sì ń ka Yorùbá dáadáa. Ó yá, ká kọ ọ́.

Ìlà àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Fóònù ẹ̀ lè wà lórí tábìlì, mẹ́sèèjì wọlé láti nọ́ńbà tí kò mọ̀, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló máa rí kó tó ṣí i, orí èyí ló sì máa fi pinnu bóyá òun á ṣí i. Tó bá jẹ́ "Haló diá, báwo ni" ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta epo ìpara ni, tàbí ẹni tó ṣì nọ́ńbà. Ìkíni, orúkọ ẹ, Màmá Táyé, Láfíà, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Ibi tí orúkọ Bísí ti máa ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà péré, lẹ́yìn ìyẹn kó yẹ̀ lọ́nà. Àwọn àgbà sọ ọ́, ojú mojú tán, alárenà á yẹ̀ ẹ́. Tìẹ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ kí ojú tó mojú rárá.

"Diá" yẹn, yọ ọ́ kúrò. "O" tó o ń lò fún un náà, yọ ọ́, "ẹ" ni kó o lò. Mo mọ̀ pé o jù ú lọ bóyá pẹ̀lú ọdún méjì mẹ́ta, kò kàn mí, ẹni tó ò tíì rí rí lò ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ará Ondó, ó lè má ka "o" sí nǹkan kan, àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin, á gbọ́ ọ létí bíi pé o ti ń ṣe ọkọ. Tí ara bá tù ú, òun fúnra ẹ̀ á sọ pé ẹ dákun ẹ má fi "ẹ" pè mí mọ́, ìyẹn gan-an sì jẹ́ àmì pé ọ̀rọ̀ ń lọ síbi tó dáa. Má tún wá fi "mà" kún un o, ìyẹn á sọ ọ́ di ìyá ẹ. "Ẹ káalẹ́ o" ti tó.

Ohun tó tún wà nínú tìẹ tó ń bà mí lẹ́rù ni "ó ti sọ gbogbo nǹkan nípa ẹ fún mi". Ìwọ rò pé ìyìn ni. Ìbéèrè tó máa bi ara ẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan bíi kí ni? Ṣé Bísí sọ ti ẹni tó já a sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Ṣé ó sọ iye owó oṣù ẹ̀? Kó tó dá ẹ lóhùn, Bísí ló máa kọ́kọ́ pè, kò sì ní jẹ́ ìpè ayọ̀. "O ò tíì lẹ́nì kan" yẹn tún wá burú jù, bíi pé o rí ọjà tí kò tà. Òfin tí mo máa ń fún àwọn èèyàn rọrùn: ohun tó o gbọ́ nípa ẹ̀, fi sínú. Má dárúkọ Lúgbè, má dárúkọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ kó o sì gbọ́ ọ bí ẹni tí ò gbọ́ ọ rí. Ti ara ẹ ni kó o sọ, ibi tó ò ń gbé àti iṣẹ́ tó ò ń ṣe, kóun náà ní nǹkan lọ́wọ́ nípa ẹ.

Ohun kan ṣoṣo lo lè mú jáde nípa ẹ̀, ohun tó ṣe ní gbangba tójú ẹ sì rí. Àní másà yẹn! Mi ò mọ ìdí tó o fi sọ ọ́ fún mi tó ò sì fi sínú mẹ́sèèjì. Gbogbo èèyàn tó wá síbi ọjọ́ ìbí ló jẹ ẹ́, kò sí àṣírí níbẹ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe másà rí sì mọ̀ pé ó fẹ́ sùúrù, kéèyàn rẹ ìrẹsì, kó lọ̀ ọ́, kó jẹ́ kó wú, kó tó wá débi páànù olójú ihò tó lè gbá a mú títí ó fi máa jóná. Ìbéèrè kan lórí ìyẹn, á ṣeé dáhùn lórí ìlà kan, kò ní ronú. Fi wé "ṣé mo lè pè ẹ́ báyìí" tìẹ yẹn, èyí tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá nìkan ni èsì ẹ̀, tí rárá ibẹ̀ sì dà bíi kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rẹ́ Màmá Táyé lójú.

Ó wá ku ọ̀nà àbájáde. Gbólóhùn kan, nígbẹ̀yìn, tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé tí òun ò bá dáhùn, ilé ò ní jó. Àmọ́ gbọ́ o, má kọ "mi ò ní sọ fún Màmá Táyé". Mo mọ̀ pé inú dáadáa ló máa mú ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì ronú pé o lè lọ ròyìn, ìwọ lo máa wá gbìn ín sí i lọ́kàn. Àìròyìn yẹn, ìwà ni, kì í ṣe ohun à ń kọ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, ohun tí mo máa fi ránṣẹ́ rèé:

"Ẹ káalẹ́ o. Túndé ni mí, èmi àti Màmá Táyé la jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Láfíà, wọ́n ní àwọn ti sọ fún yín ní Sátidé pé màá kọ̀wé. Kúbwà ni mò ń gbé, èmi ni mo máa ń gun òrùlé olórùlé kiri láti so sólà. Mo jẹ nínú másà tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ ìbí àwọn ọmọ yẹn, látìgbà náà ni mo ti ń rò ó, ta ló kọ́ yín? Ìgbàkigbà tọ́wọ́ yín bá dilẹ̀ lẹ lè dáhùn, tí kò bá sì rọrùn, kò séwu rárá."

Ó tán. Mẹ́sèèjì kan ṣoṣo ni, má gé e sí márùn-ún kí fóònù ẹ̀ máa dún gbì gbì gbì. Má fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ohùn àjèjì sétí láàrin èrò, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá. Tó o bá ti fi ránṣẹ́ tó o wá rí àṣìṣe, Wọsáàpù fún ẹ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un ṣe, lo ìyẹn, má pa á rẹ́, torí "This message was deleted" tó máa wà níbẹ̀ á mú kó máa ronú ohun tó o kọ.

Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó ń rántí. Kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ẹ̀ pamọ́ sínú fóònù ẹ. Tó bá jẹ́ pé o ti ṣètò fọ́tò ẹ kó jẹ́ "My contacts" nìkan ló ń rí i, tí nọ́ńbà ẹ̀ ò sì sí lọ́dọ̀ ẹ, àwòrán òfìfo eléérú yẹn ló máa rí, èèyàn tí ò lójú. Wo orúkọ tó o kọ síbẹ̀ náà, torí òun ò tíì fi nọ́ńbà ẹ pamọ́, orúkọ yẹn ló máa hàn sí i. Tó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ sólà ẹ ló wà níbẹ̀, á rò pé o fẹ́ ta bátìrì fún òun ni.

Ní ti èsì, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Tó bá rẹ́rìn-ín tó wá ní "Màmá Táyé yẹn, wèrè ni", rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, kó o padà sórí másà. Má jẹ́ kí Bísí di ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ ń sọ, ó rọrùn, ó sì máa ń dùn, mo ti rí àwọn méjì tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀ alárenà wọn títí ó fi wá dà bíi pé òun nìkan ni wọ́n jọ mọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tú ká sí. Tó bá wá béèrè pé ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi, a jẹ́ pé Bísí ò sọ òótọ́ fún ẹ tán. Má gbèjà ara ẹ, má sì ju Bísí síná. Kọ pé "Màmá Táyé ni, mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni, ẹ má bínú, màá yọ ọ́ kúrò lọ́dọ̀ mi tẹ́ ẹ bá fẹ́", tó bá sì ní kó o yọ ọ́, yọ ọ́ lóòótọ́.

Tó bá kà á tó sì dákẹ́, fún un ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Iṣẹ́ òru wà fún wọn, wọ́n á sùn lọ́sàn-án, ọjọ́ á kàn dàrú ni, àmì búlúù méjì yẹn ò sọ nǹkan kan fún ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn o lè kí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ìlà kan, orúkọ Màmá Táyé ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Tí kò bá tún dáhùn, o ti gbọ́ èsì. Ìpẹ̀lẹ́ tó fi kọ̀ yẹn, o lè bà á jẹ́ tó o bá pe Bísí pé bá mi bi í kí ló dé.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí pásítọ̀ ẹ̀ ló fi yín hàn ara yín ni, mi ò bá ti sọ fún ẹ pé kó o tiẹ̀ dín in kù sí i, orúkọ lásán, kò sí oyè, kò sí "wọ́n ní kí n kọ̀wé", torí rárá tó máa sọ fún ẹ á dà bíi rárá sí ẹni tó ń fọwọ́ sí lẹ́tà ìsinmi ẹ̀. Bísí ò wúwo tó bẹ́ẹ̀, dúpẹ́.

Ó máa bi ẹ́ ṣá, Bísí. Mo mọ alárenà, ara wa ò kì í gbà á. Kó tó bi ẹ́, sọ fún un fúnra ẹ pé "mo ti kọ̀wé sí i o, ẹ ṣé gan", kó o dákẹ́ síbẹ̀. Tó bá ní kó o fi sikirinṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ kóun rí ohun tó sọ, sọ fún un pé iná ti lọ.

Fi ránṣẹ́ lọ́la lẹ́yìn aago 7 alẹ́, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ tàbí àárọ̀ Sọ́ńdè. Kó o sì ṣe sùúrù pààrọ̀ fọ́tò tó wà lórí nọ́ńbà tó o fi kọ̀wé sí mi yìí ná, ọkùnrin mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀ lórí òrùlé kan, gbogbo wọn dé akoto, mi ò mọ èwo ni Túndé.